Kọ́tà parí, máàkì ga, owó ò pọ̀ sí i: níbo ni ìṣirò ti ṣì?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òǹtajà mẹ́fà ni mo ń darí, àwọn ilé-iṣẹ́ la sì ń tajà fún. OKR la fi ń darí iṣẹ́ wa: a máa ń kọ àfojúsùn kan, a sì máa ń kọ àwọn àbájáde pàtàkì sábẹ́ rẹ̀, tí a ó fún ní máàkì láti 0 dé 1 nígbà tí kọ́tà bá parí. Ní kọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àfojúsùn wa ni pé kí títà wa gbèrú. A ní ká pe èèyàn 3,000 lórí fóònù, a pè wọ́n pé. A ní ká fi ìwé ìdíyelé 120 ránṣẹ́, ó pé. A ní ká gba oníbàárà tuntun 40, a rí 28. Máàkì wọn jẹ́ 1, 1 àti 0.7; a ro wọ́n pọ̀, a fi mẹ́ta pín in, ó jẹ́ 0.9. Ní kọ́tà tó ṣáájú ìyẹn, ìwé ìdíyelé 80 la kọ, oníbàárà 25 la rí. Ọ̀gá àgbà ní òun ò rí 0.9 kankan nínú owó tó wọlé. Báwo ni kí n ṣe gbé ti kọ́tà tó ń bọ̀ kalẹ̀, tí máàkì tí a bá fún ara wa á fi jẹ́ òótọ́?*

Ọ̀gá yín tọ̀nà, ẹ̀yin náà ò sì purọ́ fún un. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni kò dáa, ohun tí ẹ yàn láti wọ̀n náà ò sì dáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ rí oníbàárà 28 nínú 40, ẹ sì kọ 0.7 sílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ká ní ẹ ò tiẹ̀ gbé àfojúsùn kankan kalẹ̀, tí kálukú kàn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀ bá ṣì rí bíi 25. Nítorí náà, 25 ni ibi tí ẹ ti gbéra, 40 ni ibi tí ẹ ń lọ, oníbàárà 15 sì ni gbogbo ìrìn náà. Nínú 15 yìí, mẹ́ta péré lẹ rìn. Ẹ fi 15 pín 3, ó jẹ́ 0.2. Máàkì yín nìyẹn lórí ohun kan ṣoṣo tó kan owó nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀gá yín rí.

Bí ẹ bá ń lo tábìlì orí kọ̀ǹpútà, ẹ fi iye tí ẹ ti gbéra sínú B2, iye tí ẹ dé sínú C2, iye tí ẹ ń lọ sínú D2, kí ẹ wá tẹ èyí:

```
=MAX(0, MIN(1, (C2-B2)/(D2-B2)))
```

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí ẹ fẹ́ kó dínkù náà, bí iye ọjọ́ tó ń kọjá láàárín ìjíròrò àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí oníbàárà fọwọ́ sí ìwé. MAX àti MIN ni kì í jẹ́ kí máàkì lọ sísàlẹ̀ òdo tàbí kó kọjá 1. Mo ka ìyẹn sí pàtàkì, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún nǹkan kan ní 1.6, tí ó sì bo 0.1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ro wọ́n pọ̀.

Ó wá ku ohun tí ẹ wọ̀n. Ìpè 3,000 àti ìwé 120 jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín, kì í ṣe àbájáde. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Ní kọ́tà tó ṣáájú, nínú ìwé 100, bíi 31 ló di oníbàárà. Ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, bíi 23 ni. Ìwé 40 ni ẹ fi kún iṣẹ́ yín, oníbàárà mẹ́ta péré ló sì mú wá. Mo lè fojú inú rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé 20 ló kan òǹtajà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ti dé, ẹnì kan ṣì wà lórí 13. Ó pe ẹnì kan, ẹni yẹn ní, "Ẹ fi ránṣẹ́ ná, màá wò ó." Kò béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ náà nílò, kò béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí owó, ó kàn tẹ ìwé ránṣẹ́, ó sì kọ 14 sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe elétàn. Ohun tí ẹ ní ẹ máa fún un ní máàkì lé lórí ló ṣe. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni ẹ kọ sínú ìwé fún un.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fi yẹ gbogbo àbájáde pàtàkì wò kí n tó gbà á wọlé: ta ló máa ṣe é, ẹni tó ń tà ni àbí ẹni tó ń rà? Bí òǹtajà bá lè jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú fóònù, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì parí rẹ̀ láìsí pé oníbàárà kankan gbé ẹsẹ̀, iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ṣe pàtàkì, ẹ máa tọ́jú iye rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì máa bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀ lé e lórí, àmọ́ kó má ṣe wọ inú máàkì kọ́tà. Ohun tí oníbàárà bá ṣe ni kó wọ ibẹ̀: ó fọwọ́ sí i, ó sanwó, ó mú ẹni tó ni àṣẹ owó wá sípàdé, ó tún rà.

Kí n tó dé orí kọ́tà tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ lórí 0.7, torí mo rò pé òun ló mú kí ọkàn yín balẹ̀ nígbà tí ẹ rí 28. Andy Grove, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Intel, ló gbé OKR yìí kalẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. John Doerr tó kọ́ ọ níbẹ̀ ló gbé e dé Google ní 1999, Google ló sì jẹ́ kí àṣà fífún ara ẹni ní máàkì láti 0 dé 1 tàn kálẹ̀, àti ọ̀rọ̀ pé 0.7 dára. Àmọ́ irú àfojúsùn kan ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, èyí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ga ju ohun tí ọwọ́ yín lè tó lọ. Irú kejì ni àdéhùn: ohun tí ẹ ṣèlérí, tí àwọn ẹlòmíì ti gbára lé. Iye owó tí ọ̀gá yín ti fi sínú ìṣúná, tí yóò fi san owó oṣù, àdéhùn ni. 0.7 lórí rẹ̀ túmọ̀ sí pé owó kù, kò sí ohun tó dára níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní irú èyí tó jẹ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, gbogbo ohun tí ẹ ò bá lè parí ló máa di "a mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ga ni" nígbà tí kọ́tà bá parí.

Ẹ má sì so kọmíṣọ̀n mọ́ máàkì yìí rárá. Ẹ jẹ́ kí kọmíṣọ̀n máa tẹ̀ lé títà bó ṣe wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó mọ́ máàkì, gbogbo òǹtajà yín ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín dúnàádúrà kí iye tí wọ́n ń lọ lè kéré, ìdúnàádúrà sì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa borí yín.

Ó wá kan kọ́tà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin àti akáńtáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí "oníbàárà tuntun" túmọ̀ sí sílẹ̀, ní gbólóhùn kan tí ẹni tí kò sí nípàdé á kà tí á sì yé e. Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di olórí òǹtajà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, àdéhùn 11 la gbà láàárín ọjọ́ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kọ́tà. Mo fún wa ní 1.0, mo sì fọwọ́ sí i. Kí oṣù méjì tó pé, mẹ́fà nínú wọn ti dá a padà. Mo lọ ṣí fáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rin, lẹ́tà pélébé kan wà lẹ́yìn àdéhùn, tí òǹtajà fi ṣèlérí pé wọ́n lè yọwọ́ láàárín ọjọ́ 60 láìsan nǹkan kan. Kò sí ohun tó lòdì sí àkọsílẹ̀ wa nínú rẹ̀, torí "àdéhùn tí a fọwọ́ sí" ni a kọ, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọjọ́ tí máàkì máa parí ti sún mọ́, wọ́n sì fún mi ní ohun tí mo béèrè.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ nìyí: oníbàárà tuntun ni ilé-iṣẹ́ tí kò rà nǹkan lọ́wọ́ wa ní oṣù 12 tó kọjá, tó fọwọ́ sí àdéhùn láìsí lẹ́tà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ti san owó àkọ́kọ́ kí kọ́tà tó parí. Owó tó dé bánkì ni ẹ̀rí, akáńtáǹtì ló sì ń kà á.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n kan náà wọn kọ́tà méjì tó kọjá. Ká ní marùn-ún nínú 28 yín ò tíì sanwó: 23 ló kù. Ẹ má yára fi 25 ti tẹ́lẹ̀ wé e o, torí ọ̀pá tó gùn lẹ fi wọn ti àkọ́kọ́, èyí tó kúrú lẹ sì fi wọn èkejì. Ká ní mẹ́ta nínú 25 náà ò san: 22 ni. Ìrìn yín wá jẹ́ láti 22 lọ sí 40, ẹ sì dé 23. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 0.06. Ó máa dùn yín. Ẹ fi han àwọn èèyàn yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni ẹ gbé ìwọ̀n tó ṣì kalẹ̀, torí bó ṣe rí nìyẹn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yín dé yìí, ó dà bíi pé ìdènà wà láàárín ìwé ìdíyelé àti ìfọwọ́sí. Ibẹ̀ ni kí àfojúsùn kọjú sí. "Kí títà wa gbèrú" kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi sílẹ̀. Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí: *ẹni tó ti ṣe tán láti rà nìkan la ó máa dá iye lé ọjà fún, a ó sì máa bá a lọ títí yóò fi sanwó.* Kò sí nọ́ńbà nínú rẹ̀, àmọ́ òǹtajà tó kà á mọ ohun tí kò ní ṣe mọ́ ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Àbájáde pàtàkì mẹ́ta ti tó fún un. Àkọ́kọ́ ni oníbàárà tuntun bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀, láti 23 lọ sí 33. Ẹ̀kejì ni ìdá tó di oníbàárà nínú ìwé ìdíyelé tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Oníbàárà 23 nínú ìwé 120 jẹ́ ìdá 19 nínú 100; ẹ jẹ́ kó lọ sí 30. Ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú irú ìwọ̀n yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ dí: bí ẹ bá ń yọ ìwé tí oníbàárà ṣì ń rò kúrò nínú ìṣirò, òǹtajà lè kọ̀ láti kọ "a pàdánù rẹ̀" sára ẹni tí kò dáhùn mọ́, kó máa pè é ní "ó ṣì ń rò ó" títí kọ́tà á fi parí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé ìwé tí oníbàárà ò bá fèsì sí fún ọjọ́ 30 ti di ìpàdánù. Bí ẹni náà bá jí padà, tó sì rà, ẹ kà á nígbà yẹn.

Ẹ̀kẹta ló gba àlàyé díẹ̀. Ẹ lọ wo iye ọjọ́ tó máa ń kọjá láàárín ìjíròrò àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí owó wọlé. Bó bá jẹ́ bíi ọjọ́ 20, àbájáde méjì àkọ́kọ́ ti tó, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ bíi ọjọ́ 75, kọ́tà kan kò ju nǹkan bí ọjọ́ 90 lọ, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ owó tó bá wọlé ní kọ́tà yìí, iṣẹ́ kọ́tà tó kọjá ló bí i. Ẹni tó bá ń fi owó nìkan wọn ara rẹ̀ nírú ipò bẹ́ẹ̀ ń gba máàkì iṣẹ́ àná fún tòní. Ẹ nílò ohun kan tó wà láàárín ọ̀nà, tó sì jẹ́ oníbàárà ló ṣe é. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iye ilé-iṣẹ́ tí ẹni tó ni àṣẹ owó níbẹ̀ ti fúnra rẹ̀ bá yín ṣèpàdé, tó sì dá ọjọ́ ìgbésẹ̀ tó kàn. Ẹ kà á nínú ìwé yín. Ká ní 18 ni, ẹ jẹ́ kó lọ sí 30. Orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó dá ni ẹ̀rí. Bí kò bá sí ọjọ́, kò wọlé.

Grove kan náà ló máa ń sọ pé kí a má ṣe fi ìwọ̀n iye sílẹ̀ láìfi ìwọ̀n ìjójúlówó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún títà, ẹ̀dínwó ni mo máa ń fi tì í. Oníbàárà 33 kò nira fún ẹni tó bá lè gé owó sí ìdajì. Ẹ ò ní láti fún un ní máàkì; ẹ kàn kọ ọ́ pé àdéhùn tí ẹ̀dínwó rẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, tí akáńtáǹtì ò fọwọ́ sí ṣáájú, kò ní wọ inú iye náà.

Gbogbo èyí ni kó wà nínú ojú ìwé kan, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tì í pa. Láàárín kọ́tà, ẹnì kan máa wá bá yín pé ọjà ti yí padà, kí ẹ sọ 33 di 28. Nígbà míì, òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ kọ iye tuntun sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, ẹ má sì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ máa fún méjèèjì ní máàkì nígbà tó bá yá.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn kọ́tà, kí akáńtáǹtì fa ẹ̀dà àkọsílẹ̀ jáde, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí òǹtajà kankan ò lè dé. Láti inú ẹ̀dà yẹn nìkan lẹ ti máa ṣírò, torí orí àkọsílẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ni ọjọ́ àdéhùn ti ń sún sẹ́yìn lóru. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ní kí kálukú kọ máàkì tó rò pé ẹ gbà sórí bébà, kó pa á dé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ti ìṣirò síta. Níbi tí àlàfo bá ti tóbi, tí ẹnì kan kọ 0.8 tí ìṣirò sì ní 0.3, ibẹ̀ ni kí ẹ lo àkókò yín. Ìjíròrò náà lè ṣàlàyé máàkì, kò lè yí i padà. Ẹ tún ṣí i ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ gbogbo àdéhùn tí wọ́n ti dá padà kúrò, kí ẹ kọ máàkì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Òǹtajà tó mọ̀ pé ẹ máa padà wá kì í sábà kọ lẹ́tà pélébé.

Bí ẹ ṣe máa kà á nìyí. Ká ní ìwé 100 lẹ fi ránṣẹ́ nínú kọ́tà náà, tí oníbàárà 27 sì sanwó. Àkọ́kọ́, láti 23 lọ sí 33, ẹ dé 27: 0.4. Ẹ̀kejì, láti 19 lọ sí 30, ẹ dé 27: 0.73. Ẹ̀kẹta, láti 18 lọ sí 30, ẹ dé 21: 0.25. Bí ẹ bá pín in, ó jẹ́ 0.46, ọ̀gá tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á rò pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má fún un ní nọ́ńbà yẹn nìkan. Ẹ fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 0.73 ń sọ pé àwọn èèyàn yín ti kọ́ bí a ṣe ń yan ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ìwé tó dínkù ló mú oníbàárà tó pọ̀ jù wá. 0.4 ń sọ pé ẹni tí wọ́n rí yàn láàárín wọn kò pọ̀ tó. 0.25 ló sọ ìdí: àwọn òǹtajà yín ṣì ń bá ẹni tí kò ní àṣẹ owó sọ̀rọ̀, wọ́n ò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá jókòó láti kọ ti kọ́tà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ gbé sí ipò kìíní, kí ẹ sì fi 21 ṣe ibi tí ẹ ti gbéra.